Olatunji àti Olatoundji, Ẹnì Kan Ni

Ní Vridi, ọmọ Yorùbá tó ń jẹ́ OLATUNJI nínú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lè di OLATOUNDJI ní báǹkì, nítorí pé akọ̀wé fi Faransé kọ ohun tó gbọ́. Kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ ohùn, lẹ́tà ló ń fi wéra. Bó bá fẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lórí àkáǹtì, wọ́n á ní orúkọ kò bára mu.

Ṣé òun ló wá yẹ kó lọ pààrọ̀ pásípọ́ọ̀tù? Rárá! Àṣìṣe akọ̀wé kì í ṣe irọ́ oníbàárà. Ìwé ẹ̀rí láti ilé aṣojú Nàìjíríà, pé ẹnì kan ló ni orúkọ méjèèjì, yẹ kó tó báǹkì. Ẹ fi lẹ́tà àti ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù tì í, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀.