Gbèsè ni Ìwé Ọ̀mùtí Ń Sọ, Kì í Ṣe Ẹmu

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ pé ìwé Amos Tútùọlá nípa ọ̀mùtí tó wá adẹ́mu rẹ̀ dé Ìlú Òkú kò ní orí, kò ní ìdí. Àwọn tó kórìíra ìwé náà ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí Faber gbé e jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Wọ́n ní àlọ́ tí gbogbo wa ti gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà ni ọkùnrin náà kó jọ, tó wá fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò gún so wọ́n pọ̀. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ náà ń sọ ọ́ lónìí, ìyìn ni wọ́n kàn fi ń sọ tiwọn. Wọ́n á ní bí àlá ni, ẹ má wá ìtumọ̀ sí i, ẹ kàn jẹ́ kó máa gbé yín lọ. Ẹ̀gàn yẹn àti ìyìn yẹn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: pé Tútùọlá kò ronú.

Mo ní ó ronú. Gbèsè ló sì fi ronú. Ẹ mú ìwé náà, ẹ máa sàmì sí gbogbo ibi tí ẹnì kan ti yá nǹkan, tó háyà nǹkan, tàbí tó jẹ nǹkan tí kò tíì san. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ bi í léèrè: ta ló ni nǹkan yìí, ta ló gbà á, ta ló sì san án? Ẹ ó rí i pé ìdáhùn ìbéèrè kẹta ń yí padà bí ìwé ṣe ń lọ. Ibi tó bá yí sí ni ọ̀rọ̀ ìwé náà wà.

Kí a tó rin ìrìn yẹn, àtakò kan wà tó yẹ kí n dáhùn. Ẹnì kan lè ní iye owó kún gbogbo ìwé Tútùọlá, pé àkọ̀wé ìgbà òyìnbó ni, ìṣirò ni ìwà rẹ̀, kò sí àwòrán kankan níbẹ̀. Mo gbà pé owó pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye owó yàtọ̀ sí gbèsè. Bí mo bá ra iyọ̀ lọ́wọ́ yín tí mo sanwó, ọ̀rọ̀ wa ti parí, ojú kò tún ní láti rí ojú mọ́. Bí mo bá yá iyọ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tútùọlá mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, ó tiẹ̀ gbé ẹ̀mí àwọn èèyàn inú ìwé rẹ̀ lé e lórí.

Ẹ rántí ibi tí ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà igi funfun ńlá, níbi tí ìyá olóòótọ́ kan ń gbé tó ń tọ́jú àwọn tí ìyà ti jẹ. Kí wọ́n tó wọlé, wọ́n ta ikú wọn fún ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti kọ́bọ̀ 6. Ẹ̀rù wọn ńkọ́? Wọn ò tà á. Wọ́n yá ẹnì kan ni, èlé rẹ̀ sì jẹ́ pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣooṣù. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé a rẹ́rìn-ín níbí, wọ́n á sì kọjá. Ẹ má tètè kọjá. Nígbà tí wọ́n jáde, ẹni tó yá ẹ̀rù dá a padà fún wọn. Ẹni tó ra ikú kò dá a padà, torí ohun tí a bá ti tà, a ti tà á nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, tọkọtaya yìí kò lè kú mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù lè bà wọ́n. Gbogbo ìyà tó jẹ wọ́n lẹ́yìn náà, àti bí wọ́n ṣe ń bọ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, orí ìyàtọ̀ títà àti yíyá ló dúró lé. Ṣé ẹni tí kò ronú ló ń ṣe irú ètò yìí?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀rẹ̀. Bàbá ọ̀mùtí fún un ní oko tó ní ọ̀pẹ 560,000, ó sì gba adẹ́mu kan fún un. Agbè 150 ni adẹ́mu yìí ń dá láàárọ̀, agbè 75 nírọ̀lẹ́. Ọdún 15 ló fi ṣe é, kó tó já láti orí ọ̀pẹ, tó kú, tí wọ́n sì sin ín sí ìdí ọ̀pẹ náà. Ìwé tó sọ iye agbè àti iye igi fún wa, tó máa sọ iye tí wọ́n ta ikú gan-an, kò sọ iye tí wọ́n san fún adẹ́mu. Wọ́n kàn ní kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ẹmu dídá lọ. Gbèsè àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹni tó jẹ ẹ́ kò sì mọ̀ pé òun jẹ ẹ́. Ó rò pé nítorí òùngbẹ lòun ṣe ń wá òkú ọkùnrin yìí kiri.

Ibi kejì ni ti arẹwà ọkùnrin tí omidan kan rí lọ́jà tó sì tẹ̀ lé wọ inú igbó. Gbogbo wa mọ àlọ́ yẹn: ọmọbìnrin, má tẹ̀ lé ẹni tí o ò mọ̀. Ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Tútùọlá tẹ̀ mọ́ wa lójú. Bí ọkùnrin náà ṣe ń padà sílé, ó ń dúró lọ́dọ̀ olówó ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ó dá ẹsẹ̀ kan padà, ó san owó háyà rẹ̀. Ó dá ẹsẹ̀ kejì padà, ó san owó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi ku agbárí nìkan. Òun ló bani lẹ́rù jù nínú ìtàn náà, òun náà sì ni ayánilówó lè finú tán jù nínú gbogbo ìwé. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá san gbogbo gbèsè rẹ̀ tán, egungun ló kù. Ẹ fi ọkùnrin yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀mùtí tó sanra láti inú iṣẹ́ ẹlòmíì, kí ẹ wá sọ fún mi èwo ló dájú pé ó jẹ́ iwin.

Lẹ́yìn ẹ̀yà ara àti ẹ̀rù, èèyàn odindi ló kàn. Ní ìlú kan tí ọ̀mùtí ti di àgbẹ̀, àjèjì kan wá yá owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Orúkọ tí Tútùọlá fún un sún mọ́ Fún-mi-kí-n-fún-ọ. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síhìn-ín lè má mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́. Kì í ṣe ẹrú. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó yá a lówó, iṣẹ́ náà ló dúró fún èlé, kò sì dín kọ́bọ̀ kan nínú owó náà. Bó bá ṣiṣẹ́ ogún ọdún, owó tó yá ṣì pé síbẹ̀. Ìwọ̀fà inú ìwé yìí wá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láṣejù. Wọ́n rán an lọ kó irè oko, ó kó ti gbogbo ìlú. Wọ́n ní kó fá orí àwọn ọmọ, ó fá orí tọmọdé tàgbà lóru. Nígbà tí ìlú gbógun dìde, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ pa wọ́n tán. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀mùtí, tó jẹ èrè iṣẹ́ náà, kò fara gbọgbẹ́. Àwọn aládùúgbò tí kò yáni lówó, tí kò yáwó, ni wọ́n san án.

Ohun tí Tútùọlá fojú ara rẹ̀ rí ni. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i ní 1920, nígbà tí ìwọ̀fà ṣì wà láàárín wa. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún ọkùnrin Ìgbò kan tó ń fi owó ilé ìwé san iṣẹ́ rẹ̀ dípò owó oṣù. Mi ò ní èyí fi ẹ̀rí múlẹ̀ nípa ìwé náà, ìwé ni ẹ̀rí ìwé. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó ti fi ọwọ́ fífọ abọ́ san owó álífábẹ́ẹ̀tì kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ohun tí iṣẹ́ àti gbèsè jọ ń ṣe.

Nígbà tí ọ̀mùtí bá adẹ́mu rẹ̀ ní Ìlú Òkú, adẹ́mu ní òun ò lè bá a padà, òkú kì í bá alààyè gbé. Ó wá fún un ní ẹyin kan tó lè pèsè ohunkóhun. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè ọdún 15 ló tún fúnni lẹ́bùn. Ọ̀mùtí gbà á, ó ń lọ. Kò béèrè iye.

Lójú ọ̀nà ilé ló ti dé kóòtù tí wọ́n ti ní kó dájọ́. Ọkùnrin kan yá pọ́n-ùn kan. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò san gbèsè rí. Wọ́n rán ológò sí i, ológò tí kò kùnà láti gba gbèsè rí. Onígbèsè gún ara rẹ̀ lọ́bẹ, ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun kú ju kí òun san. Ológò gún ara rẹ̀, ó ní òun á gbà á lọ́run. Ẹni kẹta tó ń wòran náà pa ara rẹ̀ kó lè rí òpin ìjà náà. Ta ló jẹ̀bi? Ọ̀mùtí sún ẹjọ́ síwájú, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Wọ́n ní àwàdà ni. Àwàdà ni, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó jẹ ní gbèsè ni wọ́n fi ṣe adájọ́ gbèsè. Báwo ló ṣe máa dá a?

Nílé, ìyàn mú. Ẹyin bọ́ gbogbo ayé títí wọ́n fi fọ́ ọ. Ọ̀mùtí lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kìkì pàṣán ló wá ń pèsè, ó sì fi na àwọn tó wá jẹun. Ẹ̀bùn tí ẹni tó gbà á kò san nǹkan kan lé lórí ti di ẹgba lára ẹlòmíì.

Ìparí ló wá dá mi lójú jù. Ọ̀run àti Ilẹ̀ ló ń jà lórí eku kan, èyí tí àwọn babaláwo wa mọ̀ tipẹ́. Wọ́n ṣètò ẹbọ láti fi tu Ọ̀run lójú. Ta ni yóò gbé e? Wọ́n yan ìránṣẹ́ ọba, ó kọ̀. Wọ́n yan tálákà, ó kọ̀. Ẹrú ọba ló gbé e. Ọ̀run gbà á, òjò rọ̀. Ẹrú sáré padà nínú òjò náà, kò sì sí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ó lè gbé àwọn náà lọ sọ́run.

Ẹ to ó jọ báyìí. Agbárí san tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Aládùúgbò san ti ìwọ̀fà. Àwọn tí ebi ń pa fi ẹ̀yìn san ti ẹyin. Ẹrú san ti gbogbo ayé, wọ́n sì tì í síta. Bí ohun tí a yá ṣe ń tóbi sí i ni ẹni tó ń san án ń kéré sí i. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí ìwé náà ní í sọ: ìgbádùn ẹnìkan kì í tán lórí ẹni náà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi bá ẹni tí kò lè kọ̀. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ pe èyí ní àlá, kó lọ sọ fún ẹrú tó dúró nínú òjò.