Ṣé lóòótọ́ ni àwọn alátakò Gánà le ju ti Àǹgólà lọ?

Láìborí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan ni Gánà fi parí ìdíje láti kópa nínú ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ọdún 2025: àmì 3 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 6. Àǹgólà ló léwájú ìsọ̀rí wọn pẹ̀lú àmì 14, Súdáànì ní 8, Nìjẹ̀ẹ́ ní 7.

Bí a bá fi àmì àwọn alátakò díwọ̀n bí ìdíje náà ṣe le tó fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn alátakò Gánà kó àmì 29 jọ, àwọn ti Àǹgólà kó 18 péré. Ẹni tó bá wo èyí á ní Gánà ni wọ́n gbé ẹrù wúwo lé lórí. Àmọ́ ọwọ́ Gánà fúnra rẹ̀ ni 12 nínú 29 náà ti wá, torí ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba àmì 4 lọ́wọ́ rẹ̀. Àmì 2 péré ni wọ́n rí gbà lọ́wọ́ Àǹgólà. Ẹ yọ àwọn yẹn kúrò, ó ku 17 sí 16. Ìyàtọ̀ 11 ti di ẹyọ kan!

Nínú ìdíje kúkúrú báyìí, 2 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 6 tí alátakò rẹ gbá, ìwọ ló bá gbá a. Nínú líìgì oní 38, 2 nínú 38 ni. Yíyọ ọ́ kúrò pàápàá kò tíì tó, torí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 4 péré ló kù láti fi mọ agbára ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Súdáànì na Nìjẹ̀ẹ́ 1-0, Nìjẹ̀ẹ́ sì na Súdáànì 4-0. Èwo la fẹ́ fi díwọ̀n wọn?