Ẹ Má Fi Ẹ́tánọ́ọ̀lù Gba Owó Bẹntiróòlù Lọ́wọ́ Wa

Láti 2007 ló ti wà nínú ètò ìjọba àpapọ̀ pé kí ẹ́tánọ́ọ̀lù kó 10% nínú epo bẹntiróòlù wa, kí wọ́n sì máa fi ìrèké àti ẹ̀gẹ́ pọn ọ́n. A ò bá àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ jà o. Àwọn tó ń sọ pé lítà ni lítà ń jẹ́, ohun yòówù kó wà nínú rẹ̀, la ń bá wí.

Lítà bẹntiróòlù kan ní agbára bíi mẹ́gájúùlù 32. Ti ẹ́tánọ́ọ̀lù, èyí tó ń pani nínú ògógóró, jẹ́ bíi 21, nítorí pé ọ́síjìn wà nínú rẹ̀, ọ́síjìn ọ̀hún ń gba àyè, kò sì jó. Ẹ wá mú ọkọ̀ tó ń fi lítà kan rin kìlómítà 10. Lítà 40 bẹntiróòlù gidi á gbé e rin 400. Nínú epo àdàlù, lítà 36 bẹntiróòlù á gbé e rin 360, lítà 4 ẹ́tánọ́ọ̀lù á fi bíi 26 kún un. Kìlómítà 14 ti wọlẹ̀, ìyẹn bíi lítà kan àbọ̀. Onídáńfó tó ń ra irú rẹ̀ lójoojúmọ́ á ti pàdánù bíi lítà 40 kí ọjọ́ 28 tó pé. Ta ni yóò san án?

Ní Brazil, wọn kì í tan ara wọn jẹ. Awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ ń mu méjèèjì á kọ́kọ́ wo iye owó: bí ti ẹ́tánọ́ọ̀lù bá ju 70% owó bẹntiróòlù lọ, bẹntiróòlù ló máa rà.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà ńkọ́? Àwọn kan ní ẹ́tánọ́ọ̀lù ń ba gbogbo ẹ́ńjìnnì jẹ́. Àsọdùn nìyẹn. Ọkọ̀ tuntun ti ní rọ́bà tó lè gbà á. Rọ́bà àtijọ́ ló ń mu ún, tó ń wú, tó sì ń rọ̀. Bó bá tún gbẹ, á sún kì, á sán. Bí òórùn epo bá ń jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú, tí ìdí kábúrétọ̀ sì tutù, ẹ yẹ ọ́síì àti oríńgì wò. Nígbà tí Britain gbé epo 10% jáde ní 2021, wọ́n fi èyí tí ẹ́tánọ́ọ̀lù rẹ̀ kò ju 5% lọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ àtijọ́. Ọkọ̀ àtijọ́ àti jẹnẹrétọ̀ ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kò sì tíì sọ epo tí wọn yóò máa mu.

(Ẹ jọ̀ọ́, epo burúkú ti 2022, mẹ́tánọ́ọ̀lù ló pọ̀ jù nínú ìyẹn. Ẹ yé fi í jẹ́rìí mọ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù.)

Bí wọ́n bá fẹ́ dà á pọ̀, kí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára ẹ̀rọ tó ń ta epo, lédè tí onídáńfó lè kà, kí wọ́n sì yọ owó kìlómítà 14 yẹn kúrò.