"A Ti Dá Owó Yín Padà": Nọ́ńbà Wo Ló Bá A Rìn?

Ẹnu dùn ún rò'fọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Olùtajà tó sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé "a ti dá owó yín padà" ti fi ẹnu ro ẹ̀fọ́ tirẹ̀ ná; àkáǹtì ni yóò sọ fún wa bóyá ó jinná. Láàárín ìlérí àti owó tó wọlé, ohun kan ṣoṣo wà tí ó yẹ kí a tẹra mọ́ bíbéèrè rẹ̀: nọ́ńbà tí owó náà gbé rìn.

Ọ̀nà tí owó gbà padà ló ń sọ irú nọ́ńbà tí a ó béèrè. Bí a bá fi káàdì rajà, orí káàdì yẹn kan náà ni wọ́n sábà máa ń dá owó padà sí. Láti ọwọ́ olùtajà, owó náà yóò gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń bá a gba owó, yóò gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ káàdì, kí ó tó dé báńkì wa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń sọ pé ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún sí mẹ́wàá ni. Lórí káàdì Visa àti Mastercard, ARN ni orúkọ nọ́ńbà tó ń bá owó rìn, ẹyọ òǹkà 23 ló sì ní. Ṣùgbọ́n bí olùtajà bá fi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì sí àkáǹtì nílẹ̀ wa, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló yẹ kó gbà. Session ID ni nọ́ńbà tirẹ̀, ẹyọ 30 sì ni.

Session ID yìí kì í purọ́ ọjọ́. Ẹyọ mẹ́fà àkọ́kọ́ dúró fún báńkì tó fi owó ránṣẹ́. Ẹyọ méjìlá tó tẹ̀ lé e ni ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá, méjì-méjì. Ẹyọ méjìlá tó kù ni àmì ìdánimọ̀ owó náà fúnra rẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún 2025. Mo san ₦46,000 fún léèsì aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tí ó bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù Ẹrẹ́nà. Ní ọjọ́ Ajé, 3 oṣù náà, olùtajà sọ pé àwọ̀ tí mo fẹ́ ti tán, pé owó mi yóò padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Láti ọjọ́ kejì ni a ti ń ka irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, a kì í sì í ka òpin ọ̀sẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá, ni gbèdéke. Ọjọ́ náà kọjá, owó kò dé, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè ra aṣọ mìíràn láìrí i.

Nígbà tí mo béèrè ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ní àwọn ti san án láti ọjọ́ Ẹtì, kí n lọ bi báńkì mi. Mo béèrè Session ID. Nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́jọ ni wọ́n fi ránṣẹ́; nọ́ńbà ọjà tí mo rà ni, kì í ṣe ti owó, báńkì kò sì lè fi í wá ohunkóhun. Mo tún béèrè. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ẹlẹ́yọ 30 dé, 250312094127 sì wà láàárín rẹ̀. Ọjọ́ kejìlá, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì òwúrọ̀! Owó tí wọ́n ní ó ti lọ láti ọjọ́ Ẹtì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Mo wo àkáǹtì mi, ₦46,000 ti wọlé, ṣùgbọ́n orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń bá olùtajà gba owó ló bá a wọlé. Ẹni tó bá ń wá orúkọ ṣọ́ọ̀bù kò ní rí i. Iye owó ni kí a máa wá.

Bí nọ́ńbà bá wà tí owó kò sì sí, báńkì wa ni ọ̀rọ̀ kàn: ẹ gbé nọ́ńbà, iye owó àti ọjọ́ lọ bá wọn, kí wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀. Bí olùtajà kò bá rí nọ́ńbà kankan mú wá, ó ṣeé ṣe kí owó má tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí a dúró sí. Bó bá jẹ́ pé káàdì ni a fi sanwó, ẹ má jẹ́ kí ìlérí "ọ̀la, ọ̀la" pẹ́ jù, nítorí ó ní iye ọjọ́ tí báńkì fi lè bá wa gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dìde.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì béèrè nọ́ńbà àṣírí káàdì yín kí ó tó dá owó padà, olè ni.

Ohun tí ẹ ó kọ sí wọn kò gùn: "Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo lẹ san owó náà, èló ni, ọ̀nà wo ló gbà, kí sì ni Session ID tàbí ARN rẹ̀?"