Wọn Ò Ya Ohun Tó Wù Wọ́n

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu ti mọ́ ọn sọ láti Ìlú-Àbò dé Àkúrẹ́ àti Oǹdó, nígbàkígbà tí ìjọ bá fẹ́ gbé àwòrán tàbí ère sínú ilé Ọlọ́run. Wọ́n ní ká má ṣe de oníṣẹ́ ọnà lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá ayàwòrán Ítálì ayé àtijọ́ ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé ohun tí Ẹ̀mí bá fi hàn wọ́n ni wọ́n ń yà sẹ́yìn pẹpẹ. Irọ́ ni. Irọ́ náà sì ń pa àwọn oníṣẹ́ ọnà wa lára, torí òun ló ń jẹ́ ká gbé iṣẹ́ fún wọn láìkọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ní ìlú Fúlọ́rẹ́ǹsì, ilé kan wà tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ ọwọ́ tí a gbé sọnù, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò sílíìkì ló ń bójú tó o. Orúkọ àwọn ọmọ tí Hẹ́rọ́dù pa ni wọ́n fi sọ ilé náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wàrà, 1485, Francesco Tesori tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ bá ayàwòrán Domenico Ghirlandaio dá májẹ̀mú pé kó ya àwòrán kan fún pẹpẹ ìjọ wọn. Arákùnrin ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ kan, Bernardo, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé àdéhùn náà.

Ìwé yẹn ò fi àyè sílẹ̀. Àwòrán ìṣáájú kan ti wà lórí bébà, Domenico ò sì gbọdọ̀ yà kúrò nínú ohun tó wà níbẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó fi kùn ún, owó ara rẹ̀ ni kó fi ra ọ̀dà àti góòlù. Wọ́n tilẹ̀ sọ irú búlúù tó gbọ́dọ̀ lò: èyí tí wọ́n ń fi òkúta lápísì lásúlì ṣe, tí wọ́n ń kó wá láti Afganístàánì, tí áúnsì kan rẹ̀ tó fílórìnì mẹ́rin. Ìdí wà fún un. Búlúù olówó pọ́ọ́kú wà lọ́jà nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ jẹ èrè lábẹ́lẹ̀ lè fi kun aṣọ Màríà, kò sì ní hàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ dé. Bó bá pẹ́ ni òmíràn nínú wọn yóò máa di àwọ̀ ewé.

Owó iṣẹ́ jẹ́ fílórìnì 115, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé lójú Bernardo iṣẹ́ náà ò tó bẹ́ẹ̀, ó lè wá ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì dín owó kù. Fílórìnì mẹ́ta ni wọ́n ó máa san lóṣooṣù, oṣù 30 ni wọ́n fún Domenico. Ẹ ṣírò rẹ̀: 90 ni yóò ti gbà nígbà tí oṣù bá pé, 25 yóò ṣẹ́ kù. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìtanràn fílórìnì 15. Ìtanràn wà fún Tesori náà: bí kò bá san ti oṣooṣù bó ṣe yẹ, gbogbo owó tó kù ni yóò san lẹ́ẹ̀kan náà bí iṣẹ́ bá ti parí.

Kí ló mú kí wọ́n náwó tó bẹ́ẹ̀? Ìfẹ́ Ọlọ́run wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n Giovanni Rucellai, oníṣòwò ńlá ìlú náà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí òun náwó lé lórí ń fi ògo fún Ọlọ́run, ó ń bu ọlá fún ìlú, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n máa rántí òun. Ẹ wo àwòrán tí Domenico yà. Àwọn ọba tó wá láti ìlà oòrùn ń wólẹ̀ fún Jésù, àwọn ọmọ kékeré méjì tí ọgbẹ́ wà lára wọn sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú wọn nínú aṣọ funfun. Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ ogun Hẹ́rọ́dù ń pa àwọn yòókù. Ẹni tó bá gbé ọmọ wá sẹ́nu ọ̀nà ilé yẹn mọ ìdí tí àwọn ọmọ fi wà níwájú pẹpẹ. Iṣẹ́ tí ilé náà ń ṣe ló wà nínú àwòrán rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ìwé náà pa iṣẹ́ ọwọ́ Domenico. Kò pa á. Ìwé sọ iye owó búlúù, kò sọ bí ojú ọba àgbàlagbà ṣe máa rí nígbà tó bá ń wo ọmọ ọwọ́. Ìwé sọ pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún, síbẹ̀ Bartolomeo di Giovanni ló ya àwọn àwòrán kéékèèké tó wà nísàlẹ̀. Àdéhùn máa ń rọ̀ bí ẹni méjèèjì bá gbà. Bí wọn ò bá gbà, ó máa ń di ẹjọ́: ẹgbẹ́ ìjọ kan ní Mílàn gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán Leonardo ní 1483, ohun tó yà sì yàtọ̀ sí ohun tí ìwé béèrè, ó sì lé ní ogún ọdún lẹ́yìn ìwé náà kí ẹjọ́ owó iṣẹ́ náà tó parí.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán nìyí. Nígbà tí Ekìtì ṣì wà lábẹ́ ẹkùn Oǹdó, tí Àkúrẹ́ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, Fádà Kevin Carroll gbé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kalẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Ekìtì láti 1947. Bandele, ọmọ Àrẹógun ti Ọ̀sì, àti Lámídì Fákẹ́yẹ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbẹ́ ohun tí ìjọ Kátólíìkì fẹ́. Ìtàn Bíbélì ni wọ́n gbé fún wọn, ọba Yorùbá ni àwọn ọba inú ìtàn náà sì jọ nígbà tí ọ̀bẹ kúrò lára igi.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí àwòrán máa ní, irú ọ̀dà, ẹni tó máa yẹ iṣẹ́ wò, ọjọ́ tí yóò parí, àti iye tí ẹ ó máa san lóṣooṣù. Ẹ má sì gbàgbé láti kọ ìtanràn ti ara yín síbẹ̀.