Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Bí ọmọdé bá ń kọ́ òǹkà, á ní èje ló wà lẹ́yìn ẹ̀fà. Kò parọ́, àmọ́ ẹ̀jọ, ẹ̀sán àti ẹ̀wá ńkọ́? Ẹ̀yìn ẹ̀fà kan náà ni gbogbo wọn wà. Àwọn àgbà ló ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mo rántí òwe yìí ní Yàbá, nílùú Oǹdó, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin na fóònù sí mi tayọ̀tayọ̀. "Wò ó, àbúrò, ọmọ mi ti rí iléeṣẹ́ tí kì í gba kọ́bọ̀ lórí owó tó bá fi ránṣẹ́." Lóòótọ́ ni. Rìsíìtì tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá kà báyìí:

```
You send: 200.00 GBP
Fee: 0.00 GBP
Exchange rate: 1 GBP = 1,920 NGN
Recipient gets: 384,000 NGN
```

Álàátì báńkì rẹ̀ náà sọ 384,000. Kọ́bọ̀ kan ò sọnù lójú ọ̀nà.

Èje nìyẹn. Mo wo iye tí pọ́n-ùn ń lọ láàárín àwọn báńkì ní wákàtí tí ọmọ náà fowó ránṣẹ́: bíi 2,000 náírà ni. (Wákàtí yẹn gan-an ni kí ẹ wò o, iye àná kò ṣeé fi dá ẹjọ́ òní.) 400,000 ló yẹ kí 200 pọ́n-ùn jẹ́. Náírà 16,000 tó kù, iye tí wọ́n fi ṣẹ́ owó náà ló gbé e mì. Pọ́n-ùn mẹ́jọ ni, wọn ò kàn kọ ọ́ síwájú `Fee`.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Alágbàka, l'Ákùúrẹ́, ń ráhùn pé wọ́n yọ pọ́n-ùn 3 nínú 200 tí ọmọ tòun fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Àmọ́ 1,990 ni wọ́n fi ṣẹ́ 197 tó kù: 392,030 náírà ló dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ráhùn ló jèrè.

N kò bá ẹ̀gbọ́n mi wí pé kò wo iye tí wọ́n fi ṣẹ́ owó náà. Láti ìparí 2020, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé dọ́là ni kí wọ́n máa san irú owó yìí, títí di oṣù Keje 2023 tí wọ́n gba náírà láàyè padà, ẹni tó bá gba dọ́là kì í rí iye náírà lórí rìsíìtì. Ọwọ́ ẹni tó bá ṣẹ́ dọ́là ló ti ń mọ̀ ọ́n.

Ìṣirò tí mo kọ́ ọ kò ju ẹyọ kan lọ: kó fi iye pọ́n-ùn tó kúrò lápò ọmọ pín náírà tó wọlé. Tọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ 1,960, tirẹ̀ 1,920.

Ó pe ọmọ náà lójú ẹsẹ̀. "Èló ló kúrò lápò rẹ gan-an?"

Ọmọ dákẹ́ díẹ̀. Káàdì tí èèyàn fi ń ná owó báńkì ṣáájú ló fi san án, báńkì rẹ̀ sì ti yọ pọ́n-ùn 6 lé e. Rìsíìtì ò mọ̀ síyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fi 206 pín 384,000. Ó wo 1,864 tó jáde, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.