Àdéhùn Ọjà Kì í Dúró De Ìwé

Láàrin Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó fẹ́ ra ọjà púpọ̀ kì í sábà wọkọ̀ lọ bá ẹni tó ń tà á mọ́. Á fi Wásáàpù béèrè iye, á pe fóònù láti ná an, á tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò já ẹrù. Bí ọ̀rọ̀ bá wá dàrú, ẹni tó fẹ́ yẹ̀ á ní wọn ò kọ ìwé, òun ò sì tíì gba kọ́bọ̀, nítorí náà kò sí àdéhùn. Ẹnì kejì á ní ṣebí o ti pe iye fún mi, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Àwọn méjèèjì ló ṣì í. Ọ̀rọ̀ ẹnu tó láti fi dá àdéhùn ọjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń di àdéhùn.

Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ ọ́ kedere ní 1997, nínú ẹjọ́ Orient Bank àti Bilante International, pé àdéhùn kì í dúró láìní ìfilọ̀, ìtẹ́wọ́gbà àti ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan fi lélẹ̀ fún ẹnì kejì. Ilé-ẹjọ́ náà tún ka ohun méjì mìíràn, ìyẹn èrò láti wọ àdéhùn tó lágbára lábẹ́ òfin, àti pé kí àwọn tó ń dá a jẹ́ ẹni tí òfin gbà láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Méjì yìí kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀ láàrin àwọn oníṣòwò. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ìjà wà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan tọ̀ ọ́. Obìnrin kan tó ń se oúnjẹ fún ilé-ẹ̀kọ́ ní Ọ̀yọ́ kọ̀wé ránṣẹ́ sí obìnrin tó ń ta èlùbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè: “Ẹ kú ọjà o, mà. Eélòó ni àpò èlùbọ́ báyìí?” Ìyá Elélùbọ́ dá a lóhùn: “85,000 ni.” Bí Ìyá Alásè bá fèsì lójú ẹsẹ̀ pé “Mo gbà, ẹ kó 40 wá,” ṣé ó ti ra èlùbọ́? Rárá. Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ti dé iwájú Pírífì Káńsù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1893, nínú ẹjọ́ Harvey àti Facey láti Jàmáíkà. Àwọn kan fi tẹligíráàmù béèrè bóyá ẹni náà yóò ta ilẹ̀ rẹ̀, pé kó sọ iye tó kéré jù lọ. Ẹni náà fèsì pé 900 pọ́n-ùn ni iye tó kéré jù lọ. Wọ́n ní àwọn ti gbà. Ìgbìmọ̀ náà ní iye ni ọkùnrin náà sọ, kò sọ pé òun yóò tà. Ẹni tó sọ iye ọjà rẹ̀ kò tíì ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, nítorí ọjà tó ní lọ́wọ́ lè má tó 40 àpò rárá.

Ìfilọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé bí ẹnì kejì bá ti ní “mo gbà,” kò tún sí nǹkan pàtàkì tó kù láti bá ara wọn sọ. Èyí dé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, nígbà tí Ìyá Alásè kọ̀wé pé: “Mo fẹ́ àpò 40 ní 80,000, kó dé Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Sátidé.” Ìyá Elélùbọ́ ní: “80,000 ò gbà mí, mà. 83,000, màá gbé e dé Akẹ̀sán. Mo fi dè yín títí di Tọ́sìdé.” Gbólóhùn yìí pa ìfilọ̀ Ìyá Alásè. Láti ìgbà ẹjọ́ Hyde àti Wrench ní 1840 ni òfin ti rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá fi iye tuntun fèsì ti kọ ti àkọ́kọ́, kò sì lè padà wá lọ́jọ́ kejì láti ní òun gba 80,000 náà. Ìfilọ̀ tuntun ló wà nílẹ̀ báyìí, ti Ìyá Elélùbọ́ sì ni.

Ìyá Alásè tún béèrè: “Ṣé ẹ máa gba owó náà lẹ́ẹ̀mejì?” Ọ̀pọ̀ ló rò pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ba ìfilọ̀ jẹ́. Kò bà á jẹ́. Ìbéèrè ni, kì í ṣe iye tuntun. Ẹjọ́ Stevenson àti McLean ti 1880, tó jẹ́ lórí irin tí wọ́n fi tẹligíráàmù dúnàádúrà rẹ̀, ló ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ààlà náà tínrín. Ká ní ó kọ “ẹ ó gba owó lẹ́ẹ̀mejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ẹ gbàgbé rẹ̀,” ìfilọ̀ 83,000 ì bá ti kú nìyẹn.

Lálẹ́ Wẹ́sìdé, ó pe fóònù. “Ìyá, ọ̀rọ̀ èlùbọ́ yẹn, mo ti…” Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Ìyá Alásè rò pé ọ̀rọ̀ ti wọlé, ó lọ sùn. Ìyá Elélùbọ́ ò gbọ́ ju “mo ti” lọ.

Denning adájọ́, nínú ẹjọ́ Entores ní Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1955, ti ro irú ọ̀rọ̀ yìí wò. Ìtẹ́wọ́gbà tó ti Ámísítádáàmù wá sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ẹ̀rọ tẹ́lẹ́ẹ̀sì ni ẹjọ́ náà, ọjà náà sì jẹ́ kọ́pà láti Japan. Adájọ́ náà ní bí fóònù bá já kí ọ̀rọ̀ ìtẹ́wọ́gbà tó dé etí ẹnì kejì, kò tíì sí àdéhùn; ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ pè padà, nítorí òun náà mọ̀ pé ìlà ti já. Ṣùgbọ́n bí ìlà kò bá já, tí ọ̀rọ̀ náà kàn dún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ kò sì béèrè pé “ẹ ní kí ni?”, àdéhùn yóò dè é, torí ẹ̀bi tirẹ̀ ni. Nítorí náà Ìyá Alásè kò tíì ra nǹkan kan lálẹ́ Wẹ́sìdé. Ó yẹ kó pè padà.

Ẹjọ́ yẹn náà ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ibi tí ìtẹ́wọ́gbà ti dé etí ẹni tó ṣe ìfilọ̀ ni àdéhùn ti wáyé. Láàrin Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ èyí kò ṣe nǹkan púpọ̀, ìpínlẹ̀ kan náà ni. Bó bá jẹ́ Ìlọrin ni ẹni tó ń tà á wà, tí kóòtù tó yẹ láti gbọ́ ẹjọ́ sì di ọ̀rọ̀, á ṣe é.

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Tọ́sìdé, oníbàárà láti Èkó dé, ó ní òun yóò ra 40 àpò náà ní 90,000. Ìyá Elélùbọ́ tà á. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní Ọ̀yọ́. Ní aago mẹ́wàá, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: “Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ lálẹ́ àná, mo gba 83,000. Ẹ kó 40 wá sí Akẹ̀sán lọ́jọ́ Sátidé.” Àmì méjì yọ lórí Wásáàpù. Ìyá Elélùbọ́ ṣí i, ó kà á.

Ohun méjì làwọn èèyàn máa ń pa pọ̀ níbí. Àkọ́kọ́: ṣé “mo fi dè yín títí di Tọ́sìdé” dè é? Kò dè é, nítorí Ìyá Alásè kò fi ohunkóhun lélẹ̀ fún ìdúró náà. Ìlérí láti fi ọjà pamọ́ fún èèyàn, láìgba nǹkan kan, ẹnu lásán ni, wọ́n sì lè kó o kúrò nílẹ̀ nígbàkígbà. Ká ní Ìyá Alásè ti san 5,000 lọ́jọ́ Mọ́ńdè torí kí ọjà náà lè dúró dè é, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Ibí yìí ni owó àsansílẹ̀ ti wúlò jù, kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ rò. Fún títà gan-an kò pọn dandan: ìlérí láti kó 40 àpò wá àti ìlérí láti san 3,320,000 náírà ti tó láti ṣe pàṣípààrọ̀ ara wọn, kí ẹnikẹ́ni tó na owó kan.

Èkejì: bó bá ṣe é láti kó ìfilọ̀ náà kúrò, ṣé ó kó o kúrò? Dickinson àti Dodds, 1876, ló dáhùn: títà á fún ẹlòmíràn nìkan kò tó, ó gbọ́dọ̀ dé etí ẹni tí wọ́n ṣe ìfilọ̀ fún. Dodds jàre nínú ẹjọ́ yẹn nítorí pé ìròyìn títà náà ti dé etí Dickinson ṣáájú. Ìyá Alásè ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ìtẹ́wọ́gbà rẹ̀ dé ní aago mẹ́wàá, ìfilọ̀ ṣì wà láàyè, àdéhùn ti wáyé, èlùbọ́ sì ti lọ sí Èkó. Bí àpò bá ń jẹ́ 90,000 lọ́jọ́ tó yẹ kí ẹrù dé, ìwọ̀n tí òfin ọjà títà ń lò ni ìyàtọ̀ iye: 7,000 lórí àpò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 280,000 náírà. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, “Ẹ jọ̀ọ́, mo ti tà á,” ì bá gbà á lọ́wọ́ gbèsè yìí.

Èyí dàbí pé ó le jù fún Ìyá Elélùbọ́. Òfin ò wo ẹni tó jẹ̀bi nínú ọkàn, ohun tí ẹnì kejì rí tàbí tó gbọ́ ló ń wò. Ní 2023, adájọ́ kan ní Saskatchewan, Kánádà, ní àgbẹ̀ kan tó fi àwòrán àtàǹpàkò fèsì sí fọ́tò ìwé àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ tó ń ra ọkà fi ránṣẹ́ sí i ti gba àdéhùn náà. Ìdí tó fi dá a bẹ́ẹ̀ ni pé àgbẹ̀ náà ti fi “ó dáa” àti “bẹ́ẹ̀ ni” ṣe àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ó sì ń kó ọkà wá lórí rẹ̀. Ẹni tó máa ń fi àtàǹpàkò sọ pé òun ti rí iṣẹ́ tí wọ́n rán sí òun yẹ kó kíyè sí i.

Wàhálà mìíràn máa ń tẹ̀lé e. Ká ní Ìyá Elélùbọ́ kò ta èlùbọ́ náà, ṣùgbọ́n ó pè lọ́jọ́ Fúráìdé pé ọjà ti gbówó lórí, kí wọ́n fi 5,000 kún àpò kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ máa jẹun lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ìyá Alásè sì ní “ó dáa.” Lábẹ́ òfin àtijọ́, ìlérí àfikún náà kò dè é, torí ohun tí ẹnì kejì ti jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ló tún fẹ́ fún un. Àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti dẹ ìlànà náà díẹ̀ láti 1989, níbi tí ẹni tó ṣèlérí bá rí àǹfààní gidi gbà, tí kò sì sí ìfipá níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí iye tuntun dúró láìsí àríyànjiyàn, kí nǹkan yí padà níhà méjèèjì: kí àpò di 42, tàbí kí ẹrù dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ dípò Akẹ̀sán.

Gbogbo èyí kò wúlò níwájú adájọ́ bí kò bá sí ẹ̀rí. Ẹ̀ka 84 Òfin Ẹ̀rí ti 2011, tí wọ́n tún ṣe ní 2023, gba ọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ láyè, ṣùgbọ́n ó ní ìlànà tirẹ̀. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kọ ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì nítorí wọn kò tẹ̀lé ìlànà yẹn. Fọ́tò ojú fóònù nìkan kò tó. Lọ́yà yóò béèrè fún ìwé ẹ̀rí tó ṣàlàyé fóònù tí ọ̀rọ̀ náà ti wá àti pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìpè fóònù tí ẹnikẹ́ni kò gbà sílẹ̀ yóò di ọ̀rọ̀ ẹnu méjì tó ń ta kora. Kí Ìyá Alásè sì tó pẹjọ́, kí ó má pa ọ̀rọ̀ Mọ́ńdè rẹ́ kúrò lórí fóònù, nítorí ibẹ̀ ni ìfilọ̀ 83,000 àti Akẹ̀sán wà. Èyí tó wọlé ní Tọ́sìdé kò sọ ẹni tó kọ́kọ́ pe iye náà.